Lẹ́tà àtijọ́: ẹ jẹ́ kí «õ» dúró bó ṣe wà

«Lẹ́tà bàbá àgbà mi kún fún ‹nwọn› àti ‹õgun›. Ṣé kí n tún un ṣe bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́?»

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tún un ṣe nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Àmì orí «õ» kì í ṣe àṣìṣe: ṣáájú àkọtọ́ ọdún 1974, wọ́n máa ń fi í tọ́ka sí fáwẹ̀lì kan náà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n kò sọ ohùn wọn, nítorí náà «õgun» lè jẹ́ oògùn tàbí òógùn.

Bí ẹ bá fẹ́ àkọtọ́ òde òní, inú ẹ̀dà kejì ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Níbẹ̀, «Nwọn ra õgun na» á di «Wọ́n ra oògùn náà», nítorí pé a kì í ra òógùn. Níbi tí gbólóhùn kò bá ti yanjú rẹ̀, ẹ fi [?] tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà.