Ìkómọ láìyáwó

“Ìyàwó mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀. ₦400,000 ni gbogbo owó ọwọ́ mi. Báwo ni mo ṣe lè ṣe ìkómọ láìyáwó?”

Ẹ̀gbọ́n, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Ẹ kọ́kọ́ ya ìdajì owó yẹn sọ́tọ̀ kí ẹbí tó gbọ́ iye tó jẹ́. Iṣẹ́ abẹ lè yọjú, owó rẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Iye èèyàn ló ń gbówó lọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ dúró lórí 60. Ìrẹsì àwo kan, kí a tó sè é, kò yẹ kó ju gíráàmù 150 lọ. Kílò 10 á tó wọn, á tún ṣẹ́kù fún àwọn tó ń dáná. Adìẹ tó tóbi dáadáa ń di ègé 8, nítorí náà adìẹ 8 ti tó. Ẹ wá kọ iye oúnjẹ yìí sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́jà, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ ṣe é ní aago 7 àárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Ta ló ń béèrè ìrẹsì láàárọ̀ kùtùkùtù?

Oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń lò. Aṣọ ẹbí àwìn ló ń pani. Ẹ má já aṣọ fún ẹni tí kò tíì sanwó, àní bó bá jẹ́ àǹtí ìyàwó. Owó tí àlejò máa jù sínú àwo ńkọ́? Ẹ má kà á mọ́ owó ìnáwó rárá.