Bíṣọ́ọ̀bù yẹn ò lè dé g5

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, funfun ló kàn. Pọ́ọ̀nù rẹ̀ wà ní a2, b2, c2, d2, e4, f2, g2, h2. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní g5. Kí ló yẹ kó ta?"

Bọ̀dá, ẹ má tíì wá ohun tó máa ta. Irú ìtò yẹn ò lè wáyé.

Ojú dúdú ni g5, c1 sì ni bíṣọ́ọ̀bù ojú dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì péré ló lè gbà jáde: b2 tàbí d2. Pọ́ọ̀nù kì í padà sẹ́yìn, torí náà àwọn tó wà níbẹ̀ ò tíì kúrò rí.

Ká ní pọ́ọ̀nù méje ló kù ni, ẹyọ kan lè ti dé ìlà kẹjọ kó di bíṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ mẹ́jọ pé.

Lójú tèmi, d3 lẹ fẹ́ kọ dípò d2. Ẹ tún bọ́ọ̀dù náà wò.