Adènà abáradíje àti aláìbáradíje lórí gíráàfù

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìdánwò bá fún mi ní ìlà méjì lórí gíráàfù 1/v sí 1/[S], níbi tí v ti jẹ́ iyára iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, tí [S] sì jẹ́ ìwọ̀n sọ́búsítíréètì, ọ̀kan láìsí adènà, èkejì pẹ̀lú adènà, báwo ni mo ṣe máa mọ irú adènà tó jẹ́?

Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ lórí ìlà òòró, abáradíje ni: Vmax, ìyẹn iyára tó ga jù lọ, kò yí padà; Km, ìyẹn ìwọ̀n sọ́búsítíréètì tó ń fúnni ní ìdajì Vmax, ló pọ̀ sí i, nítorí sọ́búsítíréètì tó bá pọ̀ tó máa borí adènà ní ojú iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. Bó bá jẹ́ lórí ìlà ìbú, aláìbáradíje ni: Km dúró, Vmax ló dín kù. Ibòmíràn ni adènà yìí so mọ́, sọ́búsítíréètì kò lè lé e.

Ẹ jẹ́ ká ní ìlà méjèèjì gé òòró ní 0.02, wọ́n sì gé ìbú ní −0.25 láìsí adènà, −0.10 pẹ̀lú adènà. 1/Vmax ló wà lórí òòró, nítorí náà Vmax jẹ́ 1/0.02, ìyẹn 50, nínú méjèèjì. Km kúrò ní 4, ó di 10. Abáradíje ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: −1/Km ló wà lórí ìbú, kì í ṣe Km. Nítorí náà, bí ibi tí ìlà gé bá sún mọ́ òdo, Km ń pọ̀ sí i ni. Bí wọ́n bá sì pàdé ní apá òsì òòró, láìfara kan ìlà ìbú, adènà àdàlù ni, ẹ má fipá pè é ní aláìbáradíje.