Kí iṣẹ́ alẹ́ tó di iṣẹ́ ọ̀sán

"Iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe ìwé ìṣirò owó wọn lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Owó tó ń ti ibẹ̀ wọlé ti ju ìdajì owó oṣù mi lọ, ó sì ti ń rẹ̀ mí. Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí ni, àbí kí n ṣì ní sùúrù?"

Iṣẹ́ yìí gan-an ni èmi náà ń ṣe lálẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, nítorí náà ìṣirò tèmi ni n ó gbé kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe owó oṣù mi nígbà náà ní 100, kí ẹ lè fi tiyín sí ipò rẹ̀. Mo ní oníbàárà mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń san 10 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 60. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, 40 péré ló kù kí n bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí 100 yẹn kì í ṣe gbogbo ohun tí iṣẹ́ ń fún mi, 60 náà kì í sì í ṣe èrè.

Yàtọ̀ sí owó tó ń wọ báńkì mi lóṣooṣù, ilé-iṣẹ́ tún ń dá owó sí ètò ìfẹ̀yìntì àti ètò ìlera mi. Nígbà tí mo wo ohun tí n óò ná bí mo bá fẹ́ fi owó ara mi ṣe irú rẹ̀, ó tó 15. Ní ti iṣẹ́ alẹ́, owó ètò kọ̀ǹpútà, ìpè àti ọkọ̀ ń gba nǹkan bí 2 lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń fi wé ara wọn ní tòótọ́ nígbà náà ni 115 àti 48. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ báyìí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wákàtí, ibẹ̀ ni mo sì ti rí òye jù. Mo fi ìwé kékeré kan sórí tábìlì, mo ń kọ aago tí mo jókòó àti aago tí mo dìde fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ka gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn, yálà mo lè gba owó rẹ̀ tàbí n kò lè gbà á. Títẹ àwọn iye sínú kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ rárá. Ohun tó ń jẹ àsìkò ni kí oníṣòwò kó ìwé rìsíìtì oṣù kan wá nínú ọ̀rá, kí yíǹkì orí ìdajì wọn ti parẹ́, kí ẹ sì máa pè é láti bi í pé owó tó jáde ní báńkì lọ́jọ́ kẹtàlá yìí, ọjà la fi rà ni àbí owó ilé-ìwé ọmọ. Bí mo ṣe ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, oníbàárà kan ń gba wákàtí mẹ́wàá lóṣù. Mẹ́fà wọn jẹ́ wákàtí 60, ìyẹn wákàtí 15 lọ́sẹ̀ lórí iṣẹ́ ọ̀sán. Bó ṣe rẹ̀ yín yẹn kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ wá fojú inú wo ọjọ́ tí ẹ óò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wákàtí iṣẹ́ tó wà nínú oṣù kan jẹ́ nǹkan bí 160, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ lẹ máa rí ta. Wíwá oníbàárà, fífi èsì ránṣẹ́ àti bíbéèrè owó tí wọ́n jẹ yín yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin, ó kéré tán. Wákàtí 120 ló kù, oníbàárà méjìlá ni wọ́n sì lè gbà. Méjìlá tó ń san 10 jẹ́ 120, ẹ yọ 24 tó jẹ́ owó ìnáwó kúrò, ó ku 96. Ìyẹn ni pé bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ kún dẹ́nu, tí kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò ní tó 115. Kì í ṣe àìtó oníbàárà ló fa èyí, bí kò ṣe iye tí mo ń gbà lọ́wọ́ wọn. Iye yẹn kéré nítorí pé mo ní owó oṣù, èyí tó túmọ̀ sí pé owó oṣù mi ló ń bá wọn san ìyókù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun tó yẹ kí ẹ fi iṣẹ́ alẹ́ yín dán wò ni bóyá àwọn èèyàn yóò san iye tó lè gbọ́ bùkátà yín, ju bóyá wọ́n nílò iṣẹ́ náà lọ. Ìgbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé ló sì yẹ kí ẹ dán an wò. Ẹni tí owó ilé oṣù yìí wà lọ́wọ́ oníbàárà kì í lè bá a sọ̀rọ̀ àfikún owó láìbẹ̀rù. Èmi kọ lẹ́tà sí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé láti ìdajì ọdún tó ń bọ̀, 14 ni iye tuntun. Àwọn méjì dágbére. Àwọn mẹ́rin tó kù ń san 56, owó tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ sì fi 4 péré ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n wákàtí 20 bọ́ sílẹ̀ fún mi lóṣù. Àyè yẹn ni mo fi gba oníbàárà méjì mìíràn ní 14, owó tó ń wọlé sì di 84. Ẹ yọ 12, ó ku 72. Wákàtí kan kò lé sí i lórí èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀.

Bí gbogbo wọn bá kọ̀ láti san ju iye àtijọ́ lọ, èsì ni ìyẹn náà. Ó ń sọ fún yín pé iṣẹ́ àfikún lèyí, ó sì lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí ìtìjú kankan.

Nígbà tí iye náà bá ti dúró, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣọ́: kí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dàgbà? Ẹ máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá tí ẹ kò lè gbà nítorí àìráyè, kìkì àwọn tó ti gbọ́ iye náà tí wọ́n sì gbà láti san án. Ẹ má ka ẹbí àti ọ̀rẹ́ mọ́ wọn. Bí orúkọ bá ń wọ inú ìwé yẹn lóṣooṣù, iṣẹ́ oṣù ni ìdènà, fífi í sílẹ̀ yóò sì mú owó wá. Bí kò bá sí orúkọ níbẹ̀, àìsí oníbàárà ni ìṣòro, wákàtí 160 tí ẹ bá tú sílẹ̀ kò sì ní yanjú rẹ̀. Ẹ óò kàn ní àkókò púpọ̀ láti fi wo fóònù tí kò dún.

Ó wá ku owó ìpamọ́. Bùkátà ilé mi jẹ́ 75, mo fi 10 kún un fún ètò ìlera tí n óò máa dá san (mo gbà láti dá owó ìfẹ̀yìntì dúró fún ìgbà díẹ̀), ó di 85. Pẹ̀lú 72 tó ń wọlé, àìtó 13 ló wà lóṣù, èyí tó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n n kò fi oṣù tó dára ṣe ìwọ̀n. Mo ní oníbàárà ńlá kan rí tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró láàárín oṣù, tí kò sì san owó iṣẹ́ tí mo ti ṣe, nítorí náà ohun tí mo ṣírò ni pé kí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà kan ń mú 12 wọlé lẹ́yìn ìnáwó. Méjì jẹ́ 24, àìtó náà sì di 37 lóṣù. Bí ó bá gba oṣù mẹ́fà kí n tó rí àwọn mìíràn, mo nílò 222, ìyẹn owó oṣù méjì àti díẹ̀. Mo tún fi owó oṣù kan lé e nítorí pé oníbàárà tuntun kì í sanwó lójú ẹsẹ̀: ẹ óò ṣiṣẹ́ oṣù kìíní, ẹ óò fi bíìlì ránṣẹ́ ní ìparí rẹ̀, wọn yóò sì san án ní oṣù kejì bí wọ́n bá jẹ́ èèyàn rere. Ìgbà tí owó yẹn pé ní báńkì ni mo kọ̀wé.

Ìwádìí kan wà tí Joseph Raffiee àti Jie Feng tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, tó fi hàn pé ewu kí okòwò dẹnu kọlẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré fún àwọn tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ oṣù kún un ju fún àwọn tó fò sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn tó padà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ nípa wọn. Àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ wọn kò dára ti fi í sílẹ̀ láìpariwo kí wọ́n tó dé ibẹ̀, èyí gan-an sì ni àǹfààní dídúró.

Àwọn ibì kan wà tí dídúró kò ti bójú mu. Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín dáadáa: àwọn kan ka iṣẹ́ mìíràn léèwọ̀ pátápátá, àwọn mìíràn sì sọ pé ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe tó jọ mọ́ iṣẹ́ wọn, tiwọn ni. Steve Wozniak ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Hewlett-Packard nígbà tó ṣe kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́, ó sì kọ́kọ́ fi í lọ ilé-iṣẹ́ náà. Ìgbà tí wọ́n kọ̀ ọ́ ló tó di ohun títà. Ní ti iṣẹ́ ìwé owó, ẹ má ṣe lo kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ẹ má sì gba oníbàárà ilé-iṣẹ́. Bí àdéhùn yín bá ka irú iṣẹ́ yìí léèwọ̀, tí wọ́n sì kọ̀ láti fún yín láyè, ẹ kúrò kíákíá tàbí kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró; ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ẹ fúnra yín yan ọjọ́ rẹ̀ sàn ju ìwé ìléniṣẹ́ lọ. Bákan náà ni bí àwọn tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ fún kì í bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó àfi lọ́sàn-án, nítorí kò sí ohun tí alẹ́ lè dán wò níbẹ̀.

Fún ẹni tó ti rẹ̀ bíi tiyín, mo tún máa bi ọ̀gá kí n tó kọ ìwé kankan bóyá ó lè gbà kí n máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù tó dín kù. Mo bi tèmi, ó sì gbà fún oṣù díẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ wá ẹlòmíràn láàárín ọdún. Ẹ béèrè lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí iṣẹ́ tó ká a lára jù, kí ẹ sì ti gba ẹ̀bùn owó ọdún àti ìsinmi tó bá tọ́ sí yín, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í san án fún ẹni tó ti kọ̀wé.