Ship àti sheep nínú pépà ọ́ràlì: fífà gùn nìkan kò lè yà wọ́n

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin ń múra Wáẹ́kì, ọ́ràlì Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà á láàmú. Tíṣà wọn ní kó máa fa fáwẹ̀lì sheep gùn, kó gé ti ship kúrú. Ó ń fà á, ó ń gé e, síbẹ̀ ó ń gba ìbéèrè wọn sódì. Ọ̀yọ́ la wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà, kó gbà mí."

Ẹ kú wàhálà ọmọ, ìyá wa. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lọ́nà Tákìé, lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ń lọ sí Wáẹ́kì àti Jámbù. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí níyà gan-an kó tó yé mi. "Fà á gùn, gé e kúrú" yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ girama, kò sì gbé wa débì kankan.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwa Yorùbá ní i kan ṣoṣo tí kì í gba imú jáde, i inú ilé, inú igi. Bí a bá ń pè é, ètè á fẹ̀, ahọ́n á gòkè níwájú ẹnu, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. I yìí sún mọ́ ti sheep pẹ́kípẹ́kí. Bí ọmọ bá fà á, sheep ló pè. Bó bá gé e kúrú, sheep náà ni, àfi pé ó yá díẹ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ship rárá.

Àárín i àti e tiwa ni fáwẹ̀lì ship wà. Ẹ fún un ní dígí. Kó pe i ti ilé, kó má dá ohùn dúró, kó máa rọra yọ̀ lọ sí e ti ewé. Yóò rí i pé ètè tó fẹ̀ bí ẹni ń rẹ́rìn-ín á máa dẹ̀, àgbọ̀n á wálẹ̀ díẹ̀, ahọ́n náà á fà sẹ́yìn díẹ̀. Kó dúró lágbedeméjì, kó tó kan e. Ibẹ̀ gan-an ni. Bó bá kọjá ibẹ̀, shape ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yin náà á sì gbọ́ ọ. Ohun tí mo fi ń mọ̀ pé ọmọ ti rí i nìyẹn: á pe sheep, ship, shape tẹ̀ léra, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì dá yàtọ̀ láìjẹ́ pé ó fa ọ̀kankan.

Mi ò sọ pé gígùn kò sí ńbẹ̀ o. Lẹ́nu àwọn ará Bìrìtéènì tí ìdánwò yìí ń tẹ̀ lé, fáwẹ̀lì sheep gùn ju ti ship lọ. Ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ ń dá sí i. P, t, k àti s máa ń gé fáwẹ̀lì tó ṣáájú wọn kúrú. B, d, g àti z máa ń jẹ́ kó nà. Ẹ gbé beat sẹ́gbẹ̀ẹ́ bid. T ti gé ti beat, d ti na ti bid, gígùn àwọn méjèèjì á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọmọ tó ń fi gígùn wọ̀n ọ́n á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn díkíṣọ́nárì àtijọ́ kan ló dá kún un: /i:/ ni wọ́n kọ fún sheep, /i/ fún ship, bíi pé àmì méjì yẹn nìkan ló yà wọ́n. Àwọn ti ìsìnyí ń kọ /iː/ àti /ɪ/. Ẹ wo ìkejì dáadáa, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni, kò ní àmì lórí.

Etí ló ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ló ń pe méjèèjì bákan náà, ní kíláàsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé, níbo ni ọmọ ti fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀? Ẹ ṣí díkíṣọ́nárì tó ń pe ọ̀rọ̀ jáde lórí fóònù. Kó kọ ẹ̀yìn sí yín. Ẹ máa tẹ seat tàbí sit, leave tàbí live, reach tàbí rich, kó máa na ọwọ́ òsì fún ẹgbẹ́ sheep, ọwọ́ ọ̀tún fún ẹgbẹ́ ship. Ẹ da wọ́n rú. Bó bá ń gba nǹkan bí ìdajì, ó ń méfò ni, ẹ padà sídìí dígí. Ẹ fi seen àti sin sí ìkẹyìn, torí àwa máa ń gbé n wọn lọ sínú imú, bíi in tiwa, ìyàtọ̀ á sì fara pamọ́.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ̀ ọ́n pè kò tó fún pépà yẹn. Pépà Kẹta Wáẹ́kì lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ìbéèrè 60 ni, ìṣẹ́jú 45, máàkì 30. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ sí i létí, òun náà kò ní lanu. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà kan nínú rẹ̀, wọ́n á ní kó mú èyí tó ní ohùn yẹn nínú mẹ́rin. Sípẹ́lì ló ń ṣì wọ́n lọ́nà níbẹ̀.

Mo fún ọmọbìnrin kan ní irú rẹ̀. I inú bit ni mo fa ìlà sí. Èyí tí mo tò fún un ni i inú machine, i inú police, o inú women, àti ey inú key. Ọmọ yìí mọ ship pè dáadáa, machine ló sì mú, torí ojú rẹ̀ rí i níbẹ̀. Mo ní kó gbójú kúrò lórí bébà, kó pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, kí n máa wo ètè rẹ̀. Ètè fẹ̀ ní machine, ó fẹ̀ ní police, ó fẹ̀ ní key. Nígbà tó dé women, tó pe sílébù kìíní, ètè dẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kígbe pé, "Háà, o yìí ni!"

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi ló ń pín ìwé sí òpó méjì. Ohùn ni wọ́n ń bá lọ, wọn kì í wo lẹ́tà. Key, people, quay, receive, machine bọ́ sí òpó sheep. Women, busy, build, pretty, village bọ́ sí ti ship (a inú village ni mo ń wí). Ọ̀rọ̀ tí sípẹ́lì rẹ̀ bá ṣàjèjì ni kó kọ́kọ́ wá. Kó fi y ìparí happy àti city sílẹ̀ ná: díkíṣọ́nárì àtijọ́ kó o sọ́dọ̀ ship, ọ̀pọ̀ àwọn tuntun kọ /i/ fún un, kò sí ní òpó kankan.

Ó ku ọ̀kan, nítorí pé Ọ̀yọ́ lẹ wà. Àwọn kan ládùúgbò wa níbí ń fi s pe ṣ láìfura. Ẹ ní kó sọ "mo ṣe é" àti "mo sè é" fún yín. Bí s bá wà nínú méjèèjì, ṣ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí ship á di sip, sheep á di seep, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá fáwẹ̀lì ló ṣì í tàbí kọ́ńsónáǹtì.