Do tó ń yí àbí do tó dúró sójú kan?

Ẹ jọ̀ọ́, kwáyà wa l'Ọ́fà ń yí do kiri, tíṣà piánò mi ní C nìkan ni do, èwo ni kí n mú?

Tó bá jẹ́ orin kwáyà lo fẹ́ máa wò kọ, mú èyí tó ń yí jàre. Nínú kíì G, kwáyà á kọ G, B, D ní do mi so, tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí F torí ó ga jù, do mi so náà ṣì ni, etí ẹ ti mọ bí mi ṣe jìnnà sí do. Tíṣà ẹ á pè é ní so si re, ní F ó di fa la do. Ìyẹn á jẹ́ kó o tètè mọ nóòtì lójú ìwé, àmọ́ fa kan náà ni wọ́n ń pe F àti F♯, etí ẹ ló máa yà wọ́n. Ibi tí tiyín ti máa ń dojú rú ni tí orin bá ṣí kúrò ní G lọ sí D láàárín, so àtijọ́ gbọ́dọ̀ di do.