Páálí títù ogójì

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí, èmi ni mò ń kọ ìwé owó ní kóólù-rúùmù ẹlẹ́ja kan nítòsí ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Mo mọ Excel lò dáadáa, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ SQL. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n di détà ánálísìtì, ìyàwó bọ̀dá mi ní détà sáyẹ́ńtísìtì, bọ̀dá mi fúnra rẹ̀ ní ẹnjiníà maṣíìnì lánìnnì lowó wà. Èwo ni kí n mú?*
*Akọ̀wé Owó*

Ọmọ mi, inú kóólù-rúùmù tí o jókòó sí yẹn ni iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Jẹ́ ká fi ẹja títù wò ó.

Ọ̀gá rẹ lè bi ọ́ pé, "Èló la pa lóṣù tó kọjá?" Ìbéèrè ánálísìtì nìyẹn, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń bi ọ́. Má fojú kéré rẹ̀, ibẹ̀ lèmi ti jìn sí kòtò rí. Owó tí oníbàárà san wà nínú tábìlì kan, ẹja tó rà wà nínú òmíràn, mo bá fi SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ tábìlì, so wọ́n pọ̀ báyìí:

```sql
SELECT SUM(p.amount)
FROM payments p
JOIN items i ON i.receipt_id = p.receipt_id;
```

Ká ní ẹnì kan ra títù, kótè àti ṣáwá lórí rìsíìtì kan, ó san 90,000 náírà. Ìlà mẹ́ta ni ẹja rẹ̀, nítorí náà owó kan náà á jáde síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ á di 270,000. Kọ̀ǹpútà ò ní pariwo. Ọ̀gá mi ń yọ̀ títí tí a fi yẹ àkáǹtì báńkì wò. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ ṣe àròpọ̀ owó inú `payments` nìkan kí n tó so ó mọ́ nǹkan kan. Bí àròpọ̀ kejì bá ju tàkọ́kọ́ lọ, mo ti mọ̀ pé ìlà ti di ìlọ́po. Yàtọ̀ sí SQL àti Excel, irú ìfura yìí gan-an niṣẹ́ ánálísìtì, àti ẹnu tí wọ́n fi ń ṣàlàyé fún ọ̀gá tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

Bó bá wá bi ọ́ pé, "Páálí títù mélòó ni ká gbé wá fún Sátidé tó ń bọ̀?", ọ̀rọ̀ ti dọ́dọ̀ sáyẹ́ńtísìtì. Yóò nílò Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti ìmọ̀ ìṣirò àfojúdá, ṣùgbọ́n wo ohun tó máa kọ́kọ́ dà á láàmú. Ìwé rẹ ní ogójì páálí lẹ ń tà ní gbogbo Sátidé. Ṣé ogójì làwọn èèyàn ń fẹ́ ni, àbí ogójì lẹ ní, tó tán láago mọ́kànlá, táwọn tó kù fi ọwọ́ òfo lọlé? Ìwé títà ò mọ ẹni tó fọwọ́ òfo lọ. Bí o bá fi kọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ogójì ni yóò máa wí, ogójì lẹ ó máa rà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ń pàdánù. Gbé iye tí ẹ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ tà; ọjọ́ tí méjèèjì bá dọ́gba, sàmì sí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ tó ogójì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi àfojúdá ẹ̀rọ náà wé ti ọ̀lẹ: "Sátidé tó ń bọ̀ á rí bíi ti èyí tó kọjá." Bí ti ọ̀lẹ bá ń fi páálí mẹ́fà tàsé, tí ti ẹ̀rọ ń fi márùn-ún ààbọ̀ tàsé, èmi á da ẹ̀rọ náà nù; ìdajì páálí ò tó làálàá rẹ̀.

Ti ẹnjiníà ni kí àfojúdá yẹn máa jáde fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó má sì bàjẹ́ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò wò ó. Akọ̀wé tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi kìlógíráàmù kọ ọjà dípò páálí. Bí páálí kan bá jẹ́ 20 kìlógíráàmù, ogójì ti di 800, ètò náà á gbà á láìjanpata, á sì ní kí ẹ ra ẹja tí yàrá yín ò lè gbà. Ẹnjiníà ló máa kọ ohun tó ń dá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni lákọ̀ọ́kọ́: Python tí ẹlòmíràn lè kà, Git tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí ètò, Docker tó ń di ètò pọ̀ kó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, àti Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú bọ̀dá rẹ. O ò tíì kọ ètò kan tí ẹlòmíràn ń lò. Ẹnu ọ̀nà ánálísìtì lo ti dúró, wọlé. Àmọ́ mú ìwé oṣù mẹ́fà, kí o ṣe gbogbo rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ogójì yẹn ni kò jẹ́ kí o sùn, máa kọ́ ìṣirò àfojúdá lálẹ́. Bó bá jẹ́ ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ ló dùn mọ́ ọ, a jẹ́ pé bọ̀dá rẹ rí nǹkan kan tí èmi ò rí.

Gba àṣẹ ọ̀gá rẹ kí o tó gbé ìwé náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù o, kí o sì yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà.